Ọ́dà tó wọlé lábọ̀: ta ló ti rí irú èyí?

Olójú-Oorun: Ẹ gbà mí o. Bọ́ọ̀tì tó ń bá mi rà, tó ń bá mi tà, fẹ́ ra ìpín 100. 40 wọlé, ó dúró sí `PARTIALLY_FILLED`. Ìṣẹ́jú kan kọjá, kóòdù mi rí i pé kò tíì di `FILLED`, ló bá ní kí wọ́n fagi lé e, ó sì fi ọ́dà 100 mìíràn ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo jí, mo bá 165. Mo mọ̀ pé 40 yẹn ni mo gbàgbé yọ. 25 ńkọ́?

Jẹ́jẹ́: 165 kẹ̀! Ṣé iye rẹ̀ kúkú gòkè?

Olójú-Oorun: Ó já wálẹ̀.

Àgbà Kóòdù: Kí ìfagilé rẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn ni 25 ti wọlé. Pé o ní kí wọ́n fagi lé e kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti fagi lé e. Tèmi ní ipò kan láàárín, "ń retí ìfagilé". Bí ọ́dà bá wà níbẹ̀, bọ́ọ̀tì ò gbọdọ̀ fi òmíràn ránṣẹ́, àfi tí `CANCELED` bá dé. Ìgbà yẹn ni yóò wá ka `executedQty`. Tìrẹ ì bá jẹ́ 65, ọ́dà tuntun ì bá sì jẹ́ 35 péré.

Ọwọ́-Yá: Ṣebí kó kàn máa ro gbogbo iye tó bá ń wọlé pọ̀ ni.

Àgbà Kóòdù: Wàá ro 40 mọ́ 65, wàá ní 105. Àpapọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni `executedQty`. Fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́ ni.

Ọwọ́-Yá: Áà. Abájọ tí ìwé mi kì í bá tiwọn mu.

Ìyá Ìbejì: Ti `REJECTED` ló kan èmi. Iye tí mo kọ ní ẹsẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn ojúàmì, méjì ni ọjà ń gbà. Bọ́ọ̀tì ń fi ọ́dà kan náà ránṣẹ́, wọ́n ń dá a padà, títí wọ́n fi tì mí síta pé mo ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Jẹ́jẹ́: 😂 Wọn ò jẹ̀bi.

Arìnnàkò: Ẹ̀yin ẹ rí ìdáhùn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tèmi já, mi ò gbọ́ nǹkan kan, mo pè é ní `REJECTED`, mo tún un rán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rà á.

Àgbà Kóòdù: "Mi ò mọ̀" ni ipò yẹn ń jẹ́. Fi `clientOrderId`, àmì tí ìwọ fúnra rẹ fi sára ọ́dà náà, bi wọ́n kó o tó rán nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì: Tó bá tún lo `clientOrderId` kan náà, ṣebí wọ́n á kọ ìkejì fúnra wọn?

Arìnnàkò: Ẹ má gbọ́kàn lé e, Ìyá Ìbejì. Àwọn ọjà kan máa ń gbà á tí èkíní bá ti wọlé tán.

Ìyá Ìbejì: Tèmi kì í gbà á ṣá.

Pàràpàrà: Kí ló dé tí ẹ ò kàn rà á ní iye tí ọjà bá wà? Gbogbo wàhálà yìí á tán.

Àgbà Kóòdù: Ìyẹn náà máa ń wọlé lábọ̀ tí àwọn tó ń tà ò bá pọ̀ tó.

Olójú-Oorun: Mo ti tún un ṣe. Ìbéèrè kan ló kù: bí èyí tó ṣẹ́kù bá jẹ́ 3, tí ọjà ò sì gba ohun tó bá kéré sí 5 ńkọ́?

Jẹ́jẹ́: Fi í sílẹ̀, jàre.

Ìyá Ìbejì: Kó má fi í sílẹ̀ o! Bọ́ọ̀tì á máa rán 3 yẹn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bi mí.