Mo ti san owó fúláwà, wọ́n ní mo ṣì jẹ 620,500: báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ìwé àlàyé owó?

Ọmọ Ìdí-Àpé
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé búrẹ́dì kan ní Ìlọrin níbí ni mo ti ń bójú tó ìwé owó. Ilé-iṣẹ́ kan láti Ìbàdàn ló ń kó fúláwà, ṣúgà àti ọ̀rá búrẹ́dì wá fún wa. Lọ́jọ́ Jímọ̀, 26 oṣù Kẹsàn-án, mo fi 1,205,000 náírà ránṣẹ́ sí wọn. Mo ya fọ́tò àláàtì, mo fi ṣọwọ́ sí ọmọkùnrin tó máa ń bá wa ṣe ọjà lórí Wasáàpù. Àtàǹpàkò ló fi dá mi lóhùn, èmi náà bá bá iṣẹ́ mi lọ.

Lánàá ni akáńtáńtì wọn pè mí. Ó ní a ṣì jẹ àwọn ní 620,500 náírà, ọkọ̀ wọn ò sì ní í gbéra wá sí Ìlọrin àfi tí a bá san án. Nínú ìṣirò tèmi, 240,000 péré ló kù. Ẹ wo ohun tí mo sanwó fún:

INV-0387 ti ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án, 462,000. Mo san án tán.
INV-0394 ti ọjọ́ kẹsàn-án, 518,500. Àpò fúláwà mẹ́ta ló tutù nínú rẹ̀, awakọ̀ wọn sì gbé e padà. 58,500 ni àpò kan, mo bá yọ 175,500, mo san 343,000.
INV-0401 ti ọjọ́ kẹrìndínlógún, 640,000. Mo san 400,000 níbẹ̀, ìyókù di ìparí oṣù.

Ọ̀gá mi ní kí n kọ rẹmítáǹsì ádífáìsì, ìyẹn ìwé àlàyé owó, ránṣẹ́ sí wọn. Mi ò kọ irú ẹ̀ rí láyé mi. Kí ni wọ́n ń kọ síbẹ̀ gan-an?

Bàbá Ọlọ́jà Ọ̀fà
Ẹ má dààmú ara yín. Tó bá jẹ́ ẹni tó wà lókè òkun ló fi owó náà ránṣẹ́, ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n fún un, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání lọ sí báńkì. Ọmọ mi tó wà ní Kánádà, bó ṣe ń ṣe é fún mi nìyẹn. Àmọ́ ẹ tètè lọ o, torí èrò.

Ọmọ Ìdí-Àpé
Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Owó fúláwà ni o, láti Ìlọrin sí Ìbàdàn.

Àkànbí Ọjà-Ọba
Ìwé wo tún ni? Àyè tó ń jẹ́ "Narration" ṣáà wà nínú ápù báńkì. Kọ nọ́ńbà ínfọ́ìsì síbẹ̀, ó tán. Bí mo ṣe ń ṣe pẹ̀lú ẹni tó ń kó sìmẹ́ǹtì fún mi nìyẹn, a ò jà rí.

Àǹtí Fàté
Àkànbí, ínfọ́ìsì kan lẹ máa ń san lẹ́ẹ̀kan, ẹ sì máa ń san án tán, àbí? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ yín tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ínfọ́ìsì mẹ́ta ló wà níbí. Ọ̀kan parí, wọ́n yọ owó nínú ìkejì, wọ́n san ìkẹta dé ìdajì ọ̀nà. Àyè yẹn ò gba gbogbo ìyẹn. Ohun téèyàn bá sì kọ síbẹ̀, báńkì ẹni tó gbowó lè gé e kúrú kó tó hàn nínú ìwé àkáǹtì rẹ̀. Ohun tó dáa ká kọ síbẹ̀ ni nọ́ńbà ìwé àlàyé náà fúnra rẹ̀, bíi `RA-001`, kí ẹni tó rí owó lè mọ ìwé tó bá a rìn.

Ọmọ Ìdí-Àpé, mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan kí n tó sọ̀rọ̀. Ǹjẹ́ ínfọ́ìsì kan wà tó ti pẹ́ ju ti ọjọ́ kẹta yẹn lọ, tí o ò dárúkọ fún wa?

Ọmọ Ìdí-Àpé
Háà. Ó wà o. INV-0371, ti oṣù Kẹjọ, 205,000 náírà. Ọ̀rá búrẹ́dì ni, ọ̀rá kékeré ni wọ́n kó wá dípò ńlá. A ti ní kí wọ́n wá kó o, ó ṣì wà ní sítọ́ọ̀ títí di òní. Ọmọkùnrin yẹn ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ká má san án.

Àǹtí Fàté
Mo ti fura. Yọ 240,000 tìrẹ kúrò nínú 620,500 tiwọn, 380,500 ló kù. Ọ̀rá yẹn jẹ́ 205,000, àpò mẹ́ta tó tutù jẹ́ 175,500. Pa wọ́n pọ̀, wàá rí 380,500 geere.

Èmi ti jókòó sí ọ́fíìsì àwọn tó ń gbowó fún ọdún mẹ́rin kí n tó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sanwó, torí náà mo lè sọ ohun tí akáńtáńtì yẹn ṣe. Ó rí 1,205,000 tó wọlé láìsí ìwé kankan. Fọ́tò àláàtì tìrẹ wà nínú fóònù ọmọ ọjà, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Ó bá bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó pẹ́ jù: ó fi 205,000 pa INV-0371, ó fi 462,000 pa 0387, ó fi 518,500 pa 0394 láìyọ kọ́bọ̀, 19,500 tó ṣẹ́kù ló bọ́ sórí 0401. Nínú ìwé tiwọn, ẹ ti san owó ọ̀rá tí ẹ ò fẹ́, ẹ ti san owó fúláwà tó tutù, ẹ wá ń jẹ 620,500 lórí ọjà tuntun. Kò sí ìkà nínú ẹ̀. Òfin pàápàá gbè é: ẹni tó ń san gbèsè ló kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti sọ gbèsè tí owó òun wà fún, àmọ́ nígbà tó bá ń san án ni kó sọ ọ́. Tó bá dákẹ́, ẹni tí wọ́n jẹ lówó ni yóò yàn.

Ìdí nìyẹn tí ìwé yìí fi gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú owó. Tìrẹ ti pẹ́. Ẹ̀bẹ̀ lo máa fi kọ báyìí, kí wọ́n bá ọ tún un pín.

Ẹlẹ́rọ Òmù-Àrán
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo tún jẹnẹrétọ̀ ṣe fún ọ́fíìsì kan, mo fún wọn ní ínfọ́ìsì 350,000. 343,000 ló wọlé. Mo bínú, mo ní akọ̀wé wọn jí 7,000 mi. Oṣù méjì ni mi ò fi kí i. Àṣé owó-orí ni wọ́n yọ, kò kàn sẹ́ni tó sọ fún mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń yọ owó, ẹ máa kọ ìdí rẹ̀ fúnni. Àwa tí wọ́n ń yọ lówó wa kì í sùn.

Àǹtí Fàté
Ẹlẹ́rọ, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ìwé ẹ̀rí owó-orí náà o, nítorí tí ẹ ò bá rí i gbà, owó yẹn ti gbé.

Àkànbí Ọjà-Ọba
Mo gbà, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo ni yóò kọ? Ó lè jẹ́ pé Mọ́ńdè làwọn yẹn rí owó.

Àǹtí Fàté
Ọjọ́ tí owó kúrò ní àkáǹtì rẹ̀ ni, 26. Kó má kọ ọjọ́ tí ọ̀gá fọwọ́ sí i, kó má kọ ọjọ́ tó rò pé wọ́n máa rí i. Tí wọ́n bá ní Mọ́ńdè làwọn rí i, kó fún wọn ní Session ID tó wà lára rìsíìtì tíransífà. Nọ́ńbà ọgbọ̀n ni, ọjọ́ àti wákàtí tí owó gbéra sì wà láàárín rẹ̀. Báńkì tiwọn lè fi wá a.

Nǹkan kan tún wà: má fi ìwé yìí ránṣẹ́ kó o tó rí i pé owó lọ lóòótọ́. Mo ti rí ẹni tó fi ìwé ránṣẹ́ lówùúrọ̀, tíransífà já, owó padà wá, kò sì mọ̀. Àwọn yẹn ti gbé ọjà sórí ọkọ̀ nítorí ìwé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dójú tini.

Ọmọ Ìdí-Àpé
Mo ti gbìyànjú. Ẹ bá mi wò ó:

> Àlàyé owó RA-001
> Ọjọ́ tí a kọ ọ́: 1 oṣù Kẹwàá 2025
> Ọjọ́ tí owó kúrò lọ́dọ̀ wa: 26 oṣù Kẹsàn-án 2025, tíransífà, Session ID wà lára rìsíìtì tí a so mọ́ ọn
> Iye owó: 1,205,000 náírà
>
> INV-0387: 462,000. A san 462,000. Ó parí.
> INV-0394: 518,500. A yọ 175,500 fún àpò fúláwà 3 tó tutù. A san 343,000.
> INV-0401: 640,000. A san 400,000. Ó ku 240,000.
>
> INV-0371: a kò ní san án láéláé, ẹ wá kó ọ̀rá yín.

Àǹtí Fàté
O ṣeun! 462,000 àti 343,000 àti 400,000, ó jẹ́ 1,205,000. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa wò nìyẹn. Tó bá fi náírà kan yàtọ̀ sí ohun tó wọ báńkì wọn, wọ́n á gbé ìwé rẹ sí ẹ̀gbẹ́. O ò sì kọ ọjọ́ àtẹ̀yìnwá sórí ẹ̀, ìyẹn náà dáa.

Yọ ìjà tó wà nísàlẹ̀ yẹn kúrò. Kọ pé: "INV-0371 kò sí nínú owó yìí, lẹ́tà rẹ̀ ń bọ̀ lọ́tọ̀." Kí o sì kọ lẹ́tà náà lóòótọ́, nítorí ohun tí ọmọ ọjà fẹnu sọ kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ní ti àpò mẹ́ta yẹn, kọ ọjọ́ tí awakọ̀ gbé e padà àti nọ́ńbà wéébíìlì tó fi gbà á. Ímeèlì tó wà lórí ínfọ́ìsì wọn ni kó o fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe Wasáàpù ọmọkùnrin yẹn.

Àmọ́ kó o mọ̀ o: ìwé yìí ò ní dín 620,500 kù nínú ìwé tiwọn. Tí wọ́n bá tún un pín, 205,000 máa padà sórí ọ̀rá, 175,500 á dúró lórí 0394, 240,000 á wà lórí 0401. Àpapọ̀ rẹ̀ ò yí. Ohun tó máa yí ni pé gbogbo èèyàn á rí i pé 240,000 ni gbèsè, pé ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà tó ní àbùkù. Ìgbà tí wọ́n bá kọ kírẹ́díìtì nóòtì, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń yọ owó kúrò nínú gbèsè, fún ọjà náà ló máa tó kúrò. Èmi ì bá ti gba nóòtì yẹn kí n tó yọ owó.

Ẹlẹ́rọ Òmù-Àrán
Mi ò gbà fún un yín níbẹ̀ yẹn, Àǹtí. Tó bá san gbogbo owó tán, ta ló máa kọ nóòtì fún un? Owó tó wà lọ́wọ́ ẹni ló ń jẹ́ kí wọ́n gbé fóònù.

Àkànbí Ọjà-Ọba
Ẹlẹ́rọ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ 😂

Àǹtí Fàté
Ó tún lè jẹ́ òun ló ń jẹ́ kí ọkọ̀ dúró sí Ìbàdàn.

Ọmọ Ìdí-Àpé
Mo ti fi ránṣẹ́ láti àárọ̀. Akáńtáńtì wọn ti fèsì, ó ní òun á tún un pín, àwọn á sì jẹ́ kí ọkọ̀ wá tí a bá san 240,000 yẹn kí oṣù yìí tó jìnnà. Ó gbà pé ọ̀rá wà nílẹ̀. Àpò fúláwà ló ní òun ò mọ nǹkankan nípa rẹ̀, kí n fi wéébíìlì hàn òun. Awakọ̀ ló mú ẹ̀dà tó dáa lọ. Tèmi, omi fúláwà yẹn ti ba nọ́ńbà orí rẹ̀ jẹ́. Mo ń wá nọ́ńbà fóònù awakọ̀ náà báyìí.