Ìwé ìpín Diamond àti Afribank: èwo ló ṣì ní owó lórí?

Ọmọ Kápẹ́ńtà, Sùúrùlérè
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Àpótí bàbá wa tó di olóògbé la ń tú, la bá rí ìwé ìpín méjì lábẹ́ agbádá rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti Diamond Bank, ìpín 7,000. Èkejì jẹ́ ti Afribank. Ikán ti jẹ ẹ́ létí, àmọ́ òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣì hàn. Wọ́n ní Diamond ti di Access, Afribank náà ti di Polaris. Ẹni tó bá ti tọ irú ọ̀nà yìí rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lojú yín rí?

Alhaji Láfíàjí
Kò le rárá. Láti ayé Econet ni mo ti ń lo láìnì 0802 mi. Ó di Vmobile, ó di Celtel, ó di Zain, ó wá di Airtel ní 2010. Nọ́ńbà mi ò yí padà. Ẹ kó ìwé méjèèjì lọ sí báǹkì tó ń jẹ́ orúkọ tuntun, wọn á sanwó yín.

Ìyá Àgbà Ìlúpéjú
Alhaji, ẹ jàre lórí láìnì, ẹ ò jàre lórí ìpín. Ọ́fíìsì rẹ́jísítírà, àwọn tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn onípìn-ín, ni mo ti ṣiṣẹ́ ní Broad Street kí n tó fẹ̀yìn tì, irú ìwé méjèèjì yìí kọjá lọ́wọ́ mi dáadáa.

Ti Diamond rọrùn. Ní oṣù Kẹta 2019, Access gba Diamond mọ́ra tinútẹ̀yìn. Ẹni tó ní ìpín Diamond 7 gba ìpín Access 2, wọ́n sì tún san náírà kan lórí ìpín Diamond kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Kápẹ́ńtà, 7,000 ti bàbá yín di ìpín 2,000 àti ₦7,000 nìyẹn. Ní 2022, ìpín Access Bank tún di ti Access Holdings, ọ̀kan fún ọ̀kan. Ìpín Access Holdings 2,000 lẹ máa béèrè, pẹ̀lú èrè tó ti ń gorí ara wọn. Ẹ má lọ tò sí káńtà báǹkì o. Ọ̀dọ̀ rẹ́jísítírà ni. Àwọn náà a máa yí orúkọ padà: Coronation Registrars tó ń mójú tó ti Access, United Securities ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà United Securities nínú àpótí yẹn, ẹ má jù ú nù.

Ti Afribank ló ń dùn mí. Ní oṣù Kẹjọ 2011, Báǹkì Àpapọ̀ gba láísẹ́ǹsì rẹ̀. NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí èèyàn fi sí báǹkì, dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀, wọ́n pè é ní Mainstreet Bank, wọ́n sì kó owó tí àwọn oníbàárà fi pamọ́ lọ síbẹ̀. Ìpín ò bá wọn lọ. Skye ra Mainstreet ní 2014. Nígbà tó di 2018, wọ́n gba láísẹ́ǹsì Skye náà, Polaris sì jáde. Ẹni tó ní àkáǹtì ṣáà ń bá a lọ, ẹni tó ní ìpín ò rí nǹkan kan mú. Bàbá kan jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, ó ń nawọ́ sí ojú fèrèsé: “Ìyàwó mi, ṣé kì í ṣe ilé yẹn náà nìyẹn ni?” Ilé náà ni lóòótọ́. Lójú bàbá náà, pátákó nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Ọmọ Kápẹ́ńtà, Sùúrùlérè
Ìyá, báwo lèèyàn ṣe máa mọ èyí yàtọ̀ sí èyí?

Ìyá Àgbà Ìlúpéjú
Nọ́ńbà RC ni, ìyẹn nọ́ńbà tí CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, fún ilé-iṣẹ́ náà. Òkè ìwé ìpín ló sábà máa ń wà. Ẹ fi wá ilé-iṣẹ́ náà lórí ìkànnì CAC, kì í ṣe orúkọ. Tó bá jẹ́ orúkọ nìkan ni wọ́n yí, nọ́ńbà yẹn gan-an lá gbé orúkọ tuntun jáde. Tí wọ́n bá gbé e mì, nọ́ńbà rẹ̀ ti kú, ti ẹni tó gbé e mì lẹ máa tẹ̀ lé. Àmọ́ tí ilé-iṣẹ́ tuntun bá ní nọ́ńbà tirẹ̀, tí ti àtijọ́ sì dá dúró, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n kó lọ àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀.

Bísọ́lá Yábàá
Diamond yìí náà! Mo fẹ́ fowó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, mo yan `Access Bank`, orúkọ rẹ̀ ò jáde. Àfìgbà tí mo yan `Access Bank (Diamond)`.

Táyé Oníkọ̀ǹpútà, Ìkẹjà
Bísọ́lá, ìpín là ń sọ o. Ṣùgbọ́n ó nídìí: 063 ni kóòdù Diamond, 044 ni ti Access. Kóòdù báǹkì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò nọ́ńbà kẹwàá nínú àkáǹtì. Bí wọ́n bá fẹ́ fi 044 gbà á, nọ́ńbà àkáǹtì gbogbo èèyàn ni wọn ì bá yí.

Alhaji Láfíàjí
Ó dáa, mo gbọ́. ₦7,000 yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì wà? Wọ́n ní òfin 2020 kan ti ń kó èrè ìpín tí wọn ò gbà fún ọdún 6 sápò ìjọba.

Ìyá Àgbà Ìlúpéjú
Èrè ìpín lòfin yẹn dárúkọ, olówó ṣì lè béèrè owó rẹ̀ níbẹ̀. Bóyá owó ìpààrọ̀ bọ́ sábẹ́ rẹ̀, rẹ́jísítírà ni kẹ́ ẹ bi. Ọmọ Kápẹ́ńtà, ṣé ẹ ti gba ìwé ogún ní kóòtù? Wọn ò ní dá yín lóhùn láìsí i.

Ọmọ Kápẹ́ńtà, Sùúrùlérè
A ò tíì gbà á, Ìyá. Ẹ̀gbọ́n wa ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ sí nǹkan kan àfi tí òun bá dé láti Ìbàdàn.