Kí ni ká máa pe ohun tí strace ń tò sílẹ̀?

Olùtúmọ̀: Ẹ jọ̀wọ́, mò ń kọ ìlò strace ní Yorùbá, irinṣẹ́ tó ń tọpa bí prógíráàmù ṣe ń bá kánẹ̀lì, ọkàn Linux tó ń darí ẹ̀rọ, sọ̀rọ̀. «Ìpè ètò» ni mo kọ fún system call, ìyẹn ohun tí prógíráàmù ń ṣe bó bá fẹ́ kí kánẹ̀lì bá òun ṣí fáìlì. Mo sì túmọ̀ ENOENT, orúkọ àṣìṣe kan tí kánẹ̀lì máa ń fi dáhùn, sí «fáìlì kò sí». Ṣé méjèèjì tọ́?

Bàbá Ìbejì: Ẹni tó bá ka «ìpè ètò», fóònù ni yóò kọ́kọ́ rò. Prógíráàmù kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ kan dísìkì. Ó gbọ́dọ̀ tọrọ lọ́wọ́ kánẹ̀lì, kánẹ̀lì sì lè gbà, ó sì lè kọ̀. «Ìtọrọ» ni tèmi. Ẹ wo ìlà yìí:

```
openat(AT_FDCWD, "oro.txt", O_RDONLY) = -1 ENOENT (No such file or directory)
```

Ohun tó ṣáájú àmì = ni ìtọrọ, ohun tó tẹ̀lé e ni èsì. Bí kánẹ̀lì bá gbà, nọ́ńbà bíi 3 ni yóò fi dáhùn. Bó bá kọ̀, -1 ni, yóò sì sọ ìdí rẹ̀. AT_FDCWD ń sọ pé inú fódà tí prógíráàmù wà lọ́wọ́lọ́wọ́ ni kí wọ́n ti wá oro.txt. Ìdí nìyẹn tí prógíráàmù kan fi ń ṣiṣẹ́ bí a bá fọwọ́ ara wa tẹ̀ ẹ́, àmọ́ tó ń kọ̀ bí cron, tó ń bá wa ṣe iṣẹ́ ní àkókò tí a yàn, bá gbé e dìde: fódà ilé ẹni tó ni iṣẹ́ náà ni cron ti ń bẹ̀rẹ̀, oro.txt kò sì sí níbẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́: Ẹ ṣeun, sà. Àmọ́ strace ń tò exit_group náà. Prógíráàmù tó ń kágbá ara rẹ̀ nílẹ̀, kí ló ń tọrọ? Kò sẹ́ni tó máa kọ̀ ọ́. «Ìbéèrè» fẹ̀ ju «ìtọrọ» lọ. Ní ti ENOENT, «fáìlì kò sí» dára bẹ́ẹ̀. Ibi tí a bá ti rí i, fáìlì yẹn ló ń fa wàhálà. Ká gbé e síbẹ̀, ó parí.

Bàbá Ìbejì: Ti exit_group yẹn lágbára, mi ò tíì ní ìdáhùn sí i. Àmọ́ ti ENOENT kò rí bẹ́ẹ̀, ìyá wa. Prógíráàmù tó gbádùn pàápàá máa ń gbà á. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí kì í wá /etc/ld.so.preload ní ìbẹ̀rẹ̀, fáìlì yẹn kì í sì í sábà sí, kò sì ṣe nǹkan kan. Ẹ lo èyí:

```
strace -f -e trace=%file,write -o itopa.txt ./ka-oro
```

-f wà níbẹ̀ kí àwọn ọmọ tí prógíráàmù bí má bàa bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ ti ìsàlẹ̀ itopa.txt kà á lọ sókè, títí ẹ ó fi kan write(2, níbi tó ti ń sọ àṣìṣe rẹ̀. Ìkọ̀ tó wà lókè ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Àkàndé: Ẹ̀yin àgbà, tèmi kọjá èyí. ka-oro wà ńlẹ̀, mo fi ls rí i, mo ti fi chmod +x sí i. Síbẹ̀ ìlà àkọ́kọ́ tí strace kọ, níbi tó ti fẹ́ gbé e dìde, ni execve("./ka-oro", àti ENOENT lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé strace ń purọ́ ni?

Bàbá Ìbejì: Kò purọ́. Ṣé Wíńdòsì lo ti kọ ọ́? Tẹ èyí:

```
head -n 1 ka-oro | cat -A
```

Àkàndé: Wíńdòsì ni, sà. Ó gbé #!/bin/sh^M$ jáde.

Bàbá Ìbejì: ^M yẹn ni. Ohun tó tẹ̀lé #! ni orúkọ prógíráàmù tí kánẹ̀lì máa pè kó wá ka ka-oro. Àmì ìparí ìlà ti Wíńdòsì ló lẹ̀ mọ́ ìdí sh, kánẹ̀lì sì kà á mọ́ orúkọ. Ohun tó lọ ń wá ni sh tó ní ìrù, kò sì sí irú rẹ̀ ní /bin. Inú kánẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni ìwákiri yẹn ti ṣẹlẹ̀, prógíráàmù kọ́ ló tọrọ rẹ̀, ni strace kò fi lè dárúkọ rẹ̀ fún ọ. Fi èyí gé ìrù náà:

```
sed -i 's/\r$//' ka-oro
```

Olùtúmọ̀: Á jẹ́ pé «fáìlì kò sí» yóò ṣi Àkàndé lọ́nà, torí pé fáìlì tirẹ̀ wà. Tí «ohun kan tí a nílò kò sí» bá wọlé ńkọ́?

Ìyá Àdùkẹ́: Ó gùn, àmọ́ òun ló tọ́. Fódà tó wà láàárín ọ̀nà náà lè ṣàìsí, irú èsì kan náà ni yóò mú wá. Mo gbà. «Ìbéèrè» ni mo ṣì dúró lé lórí o.

Bàbá Ìbejì: Èmi náà ò tíì kúrò nídìí «ìtọrọ». Olùtúmọ̀, kọ méjèèjì sílẹ̀ ná.