Mílíìkì ọmọ oṣù 14 ní Ìbàdàn: oníyẹ̀fun, alágolo, tútù àbí ti sóyà?

Ìyá Tòmíwá (Líìdì ni mò ń gbé, Bódìjà ni mo wà báyìí)
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí èmi àti ọmọ mi ti dé sọ́dọ̀ màmá mi, oṣù mẹ́fà la sì fẹ́ lò. Tòmíwá ti pé oṣù 14. Ní Líìdì, mílíìkì tútù tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ búlúù ló ń mu láàárọ̀ àti lálẹ́. Níbí, iná tó bá dé lóru lè ti lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, fíríìjì wa ti di kọ́bọ́ọ̀dù. Mo wá ń po mílíìkì oníyẹ̀fun fún un, ṣíbí kan sí ife kan, bí màmá mi ṣe ń ṣe sínú tíì wọn. Á mu ún tán, á tún máa sunkún. Màmá ní alágolo ló dáa jù. Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà tí kò ní kó gbogbo owó ọwọ́ mi lọ? Tí ẹyọ kan bá lè tó ọmọ àti tíì màmá, mo dúpẹ́.

Bàbá Ìbejì (Húsítìn)
Alágolo ni o! Oníyẹ̀fun yẹn, gbogbo oúnjẹ inú rẹ̀ ló ti jóná dànù níbi tí wọ́n ti ń gbẹ ẹ́. Ti agolo ni mílíìkì gidi. Òun ni wọ́n fi tọ́ mi ní Mọ́kọ́lá, mo sì ga ju bàbá mi lọ.

Ìyá Àgbà Òkè-Àdó
Háà! Ọmọ oṣù mẹ́rin, ẹ ń po mílíìkì màlúù fún un? Ẹ gbé e kúrò lẹ́nu ọmọ yẹn kíákíá! Ọmú dà?

Ìyá Tòmíwá
Mà, oṣù mẹ́rìnlá ni, kì í ṣe mẹ́rin. Ó ti ń jẹ àmàlà.

Ìyá Àgbà Òkè-Àdó
Ẹ má bínú, ọmọ mi. Awò ojú mi ò sí nítòsí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì (Mańṣẹ́sítà)
Mà, ẹ ṣì í kà ni, àmọ́ òótọ́ lẹ sọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ọmú tàbí mílíìkì tí wọ́n ṣe fún ọmọ ọwọ́ nìkan ni kó máa mu. Ti màlúù wúwo jù fún kíndìnrín rẹ̀, áyọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Tó bá ti tó nǹkan bí oṣù mẹ́fà, kò burú tó bá wà nínú ògì díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ di ohun mímu rẹ̀. Tòmíwá ti kọjá ìyẹn.

Bàbá Ìbejì, ẹ jókòó ná. Ọ̀dọ̀ màlúù ni méjèèjì ti wá. Ti agolo, wọ́n fa omi inú rẹ̀ títí tó fi dín ju ìdajì lọ, wọ́n dé e pa, wọ́n tún sè é nínú agolo. Iná kejì yẹn ló jẹ́ kó pọ́n díẹ̀, tó sì máa ń ta sánsán bíi ṣúgà tí wọ́n yan. Oníyẹ̀fun, omi rẹ̀ ló tán pátápátá. Púrótéènì àti kálíṣíọ̀mù ò bá omi lọ. Àwọn fítámì kan máa ń dín tí iná bá kàn wọ́n, àmọ́ ti agolo gan-an ò mórí bọ́ nínú ìyẹn.

Ìyá Tòmíwá, ṣíbí kan sí ife kan, tíì nìyẹn. Nínú tíì, àwọ̀ àti adùn là ń wá. Tí ọmọ bá máa mu ún bí oúnjẹ, tí ẹ sì fẹ́ kó rí bíi tútù tó ń mu ní Líìdì, nǹkan bíi gíráàmù 130 ìyẹ̀fun ni ẹ ó pò tó fi máa di lítà kan. Fún ife tó ń gba mílílítà 200, gíráàmù 26 nìyẹn. Tí ẹ ò bá ní sikéèlì, ṣíbí ìjẹun ńlá mẹ́ta àti ààbọ̀ ni, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Ohun tí ẹ ń bù tẹ́lẹ̀ kò tó ìdá mẹ́ta rẹ̀. Omi funfun lọmọ ń mu.

Ẹ má sì jẹ́ kí àánú ṣe yín kí ẹ wá pò ó ki ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá ki jù, òùngbẹ á máa gbẹ ọmọ, ìgbẹ́ rẹ̀ á sì máa le.

Ìyá Tòmíwá
Ha! Ṣíbí mẹ́ta àti ààbọ̀! Ó tún máa ń dì wọ́rọkọ wọ́rọkọ sísàlẹ̀ ife.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Torí pé omi gbígbóná lẹ kọ́kọ́ ń dà lé e. Ẹ se omi kó hó, ẹ jẹ́ kó lọ wọ́ọ́rọ́. Ẹ bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí ìyẹ̀fun, ẹ rò ó bí ìgbà téèyàn ń po ògì tútù, títí kò fi ní kókó mọ́. Ẹ wá fi omi tó kù kún un. Ẹ po ìwọ̀n tó máa mu lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn wákàtí méjì láìsí fíríìjì, ẹ dà á nù.

Ẹ̀gbọ́n Múfú (Tòróńtò)
Ẹ gbọ́ tèmi náà. Tí mo bá mu mílíìkì tútù, inú mi á máa kùn bí jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wá sílé lọ́dún tó kọjá, oníyẹ̀fun ni mò ń bù sínú Mílò, nǹkan kan ò ṣe mí. Oníyẹ̀fun ò ní nǹkan tó ń yọ inú lẹ́nu yẹn nínú.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Ẹ̀gbọ́n, ó ní in. Ṣúgà inú mílíìkì tí ikùn ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa ò lè dà mọ́ wà nínú gbogbo wọn. Ṣíbí kan lẹ bù sínú Mílò, ife ńlá lẹ gbé mu ní Tòróńtò. Ẹ po ṣíbí mẹ́ta àti ààbọ̀ ní ife kan kí ẹ gbé e mu, kí ẹ wá sọ fún wa bó ṣe rí.

Ẹ̀gbọ́n Múfú
Mi ò ṣe é o. Ti óòtì ni mò ń mu báyìí, àmọ́ ó máa ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ nínú kọfí.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Kíkan kọfí àti ooru rẹ̀ ló ń já a, ti sóyà gan-an burú jù ú lọ. Tíì ò kan tó kọfí, ìdí nìyẹn tó fi ń rọgbọ níbẹ̀ díẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ da mílíìkì sínú ife, ẹ jẹ́ kí kọfí sinmi ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ wá rọra máa dà á lé e.

Ìyá Tòmíwá
Ṣé Tòmíwá lè mu ti sóyà? Obìnrin kan ń tà á nínú ìgò lẹ́nu ọ̀nà ọjà Bódìjà, ó sì dùn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Nínú àwọn tí kì í ṣe ti ẹran, ti sóyà ni púrótéènì rẹ̀ sún mọ́ ti màlúù jù. Ti álímọ́ńdì, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ti ìrẹsì, ní Gẹ̀ẹ́sì níbí wọn kì í jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún mu ún, torí májèlé ásẹ́níìkì tí ìrẹsì máa ń fà láti inú ilẹ̀. Sóyà tí a lè fún ọmọ ní ipò mílíìkì ni èyí tí wọ́n ti fi kálíṣíọ̀mù sí, tí kò sì ní ṣúgà. Ẹ sì gbọ́dọ̀ mi páálí rẹ̀ dáadáa, torí kálíṣíọ̀mù yẹn máa ń sọ̀ sísàlẹ̀. Ti inú ìgò lẹ́nu ọ̀nà ọjà, kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan sí i, ẹ ò sì mọ̀ bóyá ó hó dáadáa. Fún ẹ̀yin àgbà tó bá wù yín, ó dùn lóòótọ́.

Kúnlé Akóbọ̀ (mo ti padà sílé láti Dọ́bílìn)
Ẹ jẹ́ ká sọ ti owó. Àǹtí, mélòó ló tó ọmọ náà lóòjọ́?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Mílílítà 350 ti tó o. Oúnjẹ ló yẹ kó máa jẹ. Tó bá ń mu ju 500 lọ, á máa kọ ẹ̀bà, áyọ́ọ̀nù ara rẹ̀ á sì máa lọ sílẹ̀. Ẹ má fún un ní tíì pẹ̀lú, torí tíì máa ń di áyọ́ọ̀nù inú oúnjẹ mú.

Kúnlé Akóbọ̀
Ó dáa. Mílílítà 350 jẹ́ gíráàmù 45 ìyẹ̀fun. Àpò gíráàmù 900 á gbé e fún ogún ọjọ́ gbáko. Agolo kékeré gíráàmù 160, tí ẹ bá fi omi bíi tirẹ̀ lù ú, á di mílílítà 300 àti díẹ̀, kò tiẹ̀ tó ọjọ́ kan. Fún ogún ọjọ́, agolo 22 sí 23 nìyẹn. Ti páálí lítà kan tí kì í bàjẹ́ títí ẹ ó fi ṣí i, méje. Ẹ béèrè iye àpò kan, iye agolo 23 àti iye páálí méje lójú kan náà. Má wo iye tí wọ́n kọ sára ẹyọ kan o, agolo máa ń tan èèyàn jẹ torí pé ó kéré. Páálí yẹn tún nílò fíríìjì tí ẹ bá ti ṣí i, iná ló sì jẹ gbèsè yín.

Ti mílíìkì tútù gidi, èmi máa ń rà á lọ́wọ́ ìyá Fúlàní kan lọ́nà Akínyẹlé. Mò ń sè é. Inú rẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi omi ewé bòmúbòmú ṣe wàrà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Kó hó dáadáa o, kí ẹ sì máa rò ó. Àrùn màlúù máa ń gba inú mílíìkì tútù wọlé, ikọ́ ẹ̀gbẹ náà wà nínú wọn. Èmi ò ní fún Tòmíwá.

Kúnlé Akóbọ̀
Àwọn ọmọ mi ń mu ún, ara wọn le.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Mo ti sọ tèmi.

Ìyá Tòmíwá
Mo ti bọ̀ láti ọjà. Agolo 23 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó àpò méjì, ti páálí méje tún ga jù ú lọ. Àpò ni mo rà. Ṣùgbọ́n mo yí agolo màmá padà, mo rí i pé wọ́n kọ òróró ewéko síbẹ̀. Kí ni òróró ń wá nínú mílíìkì?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Wọ́n ti yọ ọ̀rá màlúù kúrò, wọ́n fi òróró, ti ọ̀pẹ lọ́pọ̀ ìgbà, dípò rẹ̀ kó lè dín lówó. Kì í ṣe májèlé, ó sì máa ń jẹ́ kí tíì ki. Àmọ́ fún ọmọ, èyí tí ọ̀rá rẹ̀ jẹ́ ti mílíìkì ni kí ẹ wá. Ẹ wo ẹ̀yìn àpò náà pẹ̀lú, wọ́n ń ṣe é sí oníyẹ̀fun náà. Tó bá jẹ́ mílíìkì nìkan, kò ní dárúkọ òróró kankan. Èyí tó nípọn tó sì dùn bí oyin nínú agolo, tiẹ̀ yàtọ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tó jẹ́ ṣúgà. Ẹ má fún un rárá.

Bàbá Ìbejì
Òróró ọ̀pẹ tí a fi ń se ọbẹ̀! Ṣé kò dáa ni? Èmi ò gbà.

Ìyá Tòmíwá
Ti àpò mi ò dárúkọ òróró, ọpẹ́ ni. Lálẹ́ àná mo po ṣíbí mẹ́ta àti ààbọ̀. Tòmíwá mu ún ku díẹ̀, ó sùn láìsunkún. Màmá bu ìyókù sínú tíì wọn, wọ́n ní tíì ọ̀hún ò lómi tó. Agolo wọn ni wọ́n ṣì ń fi ṣe tíwọn. Láàárọ̀ yìí mo rí i pé wọ́n ti mú ṣíbí kékeré sínú àpò mi, wọ́n ní ṣíbí mi ń fi mílíìkì ṣòfò. Mo ti gbé àpò náà lọ sórí kọ́bọ́ọ̀dù.