Nígbà tí ọjà tó wà nílẹ̀ bá ju iye inú ìwé lọ

Akọ̀wé Sítọ́ọ̀, Àkúrẹ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní ìparí oṣù tó kọjá, mo yẹ ìwé kíka ọjà wò fún ilé ìtajà sìmẹ́ǹtì kan ní Òkè-Ìjẹ̀bú. Àpò 240 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ oṣù, wọ́n ra 600 sí i, wọ́n sì ta 710, nítorí náà 130 ló yẹ kó ṣẹ́kù. Àpò 155 la kà. Inú ọ̀gá dùn pé 25 lé, ṣùgbọ́n n kò gbà láti buwọ́ lù ú, nítorí pé ọjà kì í ṣàdédé pọ̀ sí i. Mo gba ìwé tí wọ́n fi ń gbé ẹrù jáde, mo ń fi í wé ríṣíìtì lọ́kọ̀ọ̀kan, títí mo fi kan ríṣíìtì àpò 30 tí oníbàárà kan san owó rẹ̀ lọ́jọ́ tó kẹ́yìn oṣù, tí kò sì tíì wá kó o. Ẹrù náà wà ní igun sítọ́ọ̀, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ «ti sanwó» sí i lára. Ìwé ti yọ ọ́, àwa sì tún kà á mọ́ tiwa. Nígbà tí mo yọ 30 yẹn, 125 ló kù: àpò 5 ti dín, ẹrù onítọ̀hún ló bò ó mọ́lẹ̀.

Ọmọ Ìsìkàn
Ẹ̀gbọ́n, lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ń kà kì í mọ iye inú ìwé. Iye tó bá kà la máa ń yọ kúrò nínú ọjà ìbẹ̀rẹ̀ àti èyí tí a rà, ìyókù la ń kọ sí ibi ọjà tí a tà. Kò tíì sí oṣù tí kò dọ́gba.

Akọ̀wé Sítọ́ọ̀, Àkúrẹ́
Àbúrò, ti kí ẹni tó ń kà má mọ iye inú ìwé dára gan-an. Ṣùgbọ́n ìṣirò yín kò lè ṣàìdọ́gba láé, nítorí pé ohun tí wọ́n bá jí pàápàá á di ọjà tí ẹ tà. Inú ríṣíìtì ni kí ẹ ti mú iye títà, kí ẹ sì fi owó tó wọlé yẹ̀ ẹ́ wò.

Oníkòkó, Oǹdó
Kòkó ni tèmi. Iye àpò pé, ṣùgbọ́n kílò dín sí ti ọjọ́ tí mo rà á. Ṣé ọmọ iṣẹ́ ló ń bù ú ni?

Akọ̀wé Sítọ́ọ̀, Àkúrẹ́
Bàbá, ó lè jẹ́ omi ara rẹ̀ ló gbẹ, bí kò bá tíì gbẹ tán nígbà tí ẹ rà á. Ẹ sàmì sí àpò mélòó kan, ẹ ti ẹnu wọn pa, kí ẹ máa tún wọn wọ̀n. Bí àwọn yòókù bá dín ju ìwọ̀nyẹn lọ, ẹ bi ọmọ iṣẹ́ léèrè.

Ọmọ Ìsìkàn
Àpò 5 yẹn wá ńkọ́?

Akọ̀wé Sítọ́ọ̀, Àkúrẹ́
A rí àpò òfìfo 3 tó ya lẹ́yìn sítọ́ọ̀, tí sìmẹ́ǹtì ṣì lẹ̀ mọ́ wọn nínú. Mo kọ wọ́n sí ìlà tiwọn gẹ́gẹ́ bí ọjà tó bàjẹ́. Ọ̀gá fẹ́ kí n kọ 2 yòókù mọ́ wọn. Èmi kọ wọ́n sí ohun tí a kò rí, a kò sì tíì fẹnu kò lórí rẹ̀.