Gbèsè 2022, dìfọ́ọ̀tì 2024: ta ló mọ bí wọ́n ṣe ń ka oṣù lórí ìwé kírẹ́díìtì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Ìyá Adé, Pẹ́kámù: Ẹ káàsán o. Gbèsè kààdì ni. Oṣù kẹta 2022 ni mo kọ́kọ́ pa sísan jẹ. Báńkì ta gbèsè náà fún àwọn agbawó, àwọn yẹn sì kọ dìfọ́ọ̀tì, ìyẹn àkọsílẹ̀ pé mo kùnà láti san gbèsè, sí oṣù kọkànlá 2024 lórí ìwé kírẹ́díìtì mi. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí?

Súlè: Ẹ san án tán, ìyá mi. Á parẹ́.

Alàgbà Fẹ́mi: Kò ní parẹ́, Súlè. Bí wọ́n bá san án, wọ́n á kọ "satisfied" sí i, pé wọ́n ti san án tán, ìyẹn sì sàn ju kó wà láìsan lọ. Àmọ́ ọdún 6 láti ọjọ́ dìfọ́ọ̀tì ló máa lò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ọjọ́ yẹn fi ṣe pàtàkì ju iye owó lọ.

Ìyá Adé, ẹ wo ìlà oṣooṣù tó wà lábẹ́ orúkọ báńkì náà nínú ìwé kírẹ́díìtì yín. 0 ni oṣù tí ẹ san bó ṣe yẹ. Bí oṣù kẹta bá jẹ́ 1, ìkẹrin 2, ìkarùn-ún 3, owó oṣù 3 ti wọlé sọ́rùn yín nìyẹn. Láàárín oṣù 3 sí 6 ni wọ́n sábà máa ń kọ dìfọ́ọ̀tì. Tiyín ì bá ti bọ́ sí oṣù kẹjọ 2022, ó pẹ́ tán, kó sì kúrò lóṣù kẹjọ 2028. Pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n kọ yìí, ó di 2030. Ẹni tó ra gbèsè kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kíka tuntun.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Húsítìnì: Ọdún 7 ni tiwa o, wọn kì í sì í kọ ọ́ pé èèyàn pẹ́ san títí á fi pé ọjọ́ 30.

Alàgbà Fẹ́mi: Amẹ́ríkà nìyẹn, àbúrò.

Ṣadé L.: Kí wọ́n gba ìwé kírẹ́díìtì náà lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, Experian, Equifax àti TransUnion. Ọ̀fẹ́ ni, báńkì míì kì í sì í ròyìn fún gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kọ̀wé sí agbawó fúnra rẹ̀, kí wọ́n so ìwé báńkì 2022 mọ́ ọn. Àwọn tó ń tọ́jú ìwé ò lè dá yí ọjọ́ padà, wọ́n á kàn béèrè lọ́wọ́ agbawó, kí wọ́n sì fèsì láàárín ọjọ́ 28. Bí agbawó bá kọ̀, tàbí tí ọ̀sẹ̀ 8 kọjá láìsí èsì sí ẹ̀sùn yín, ó di ọ̀dọ̀ Financial Ombudsman Service, àwọn tó ń parí aáwọ̀ láàárín oníbàárà àti iléeṣẹ́ owó. Àlàyé ọ̀rọ̀ 200 tí wọ́n ń gbà wá láyè láti fi sí ìwé kírẹ́díìtì wa kì í yí ọjọ́ padà. Ó tilẹ̀ lè fa ìdádúró bí èèyàn bá ń tọrọ kírẹ́díìtì, torí èèyàn ló gbọ́dọ̀ kà á.

Ìyá Adé, Pẹ́kámù: Àdéhùn wà láàárín èmi àti báńkì ní 2023 ṣá, tí mo ń san pọ́n-ùn 5 lóṣooṣù.

Alàgbà Fẹ́mi: Háà! Ẹ ò sọ. Nígbà àdéhùn, báńkì lè má kọ dìfọ́ọ̀tì. Ìgbà wo gan-an ni àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀? Bó bá ti kọjá oṣù 6 kí ẹ tó ṣe é, ẹ ṣì lẹ́jọ́ láti rò. Bó bá ṣáájú, ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀.