Mo ń ṣe ìdánwò àṣewò lójoojúmọ́, máàkì mi ń já wálẹ̀: ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ṣáájú IELTS mi

Àdùnní_Òǹkàwé

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹnìkan béèrè níbí pé kí ló yẹ kóun máa kà ní ọjọ́ méje tó kù kóun lọ ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Mi ò lè sọ ti gbogbo apá, àmọ́ mo lè sọ ti apá gbígbọ́, torí ibẹ̀ ni iná ti jó mi.

Báǹdì 7 ni mo ń wá; báǹdì ni wọ́n ń pe máàkì tí wọ́n ń fúnni ní apá kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè 40 ló wà ní apá gbígbọ́, ẹni tó bá sì gba nǹkan bí 30 ti débẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ méje, mo ṣe ìdánwò àṣewò kan, mo gba 29. Inú mi dùn, mo ní ó ku ẹyọ kan péré. Lọ́jọ́ kejì mo ṣe òmíràn, mo gba 27. Lọ́jọ́ kẹta, 26. Àyà mi já. Kẹ́ ẹ sì wá wò ó, lálaalẹ́ ni mò ń há 60 ọ̀rọ̀ tuntun sórí, torí mo gbà pé ọ̀rọ̀ ni mi ò gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ti ṣe ìdánwò náà rí ló bi mí pé, "Àwọn wo lo kùnà, kí ló sì fà á?" Mi ò mọ̀. Màá ka máàkì, màá ṣí òmíràn, ó tán. Ó ní kí n kó ìwé ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, kí n tún gbọ́ ohùn náà, kí ojú mi wà lára ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ìwé, kí n sì kọ ìdí sí ẹ̀gbẹ́ ìkùnà kọ̀ọ̀kan. Ìkùnà 38 ni gbogbo rẹ̀. Ó gbà mí ní ọ̀sán kan gbáko.

Ẹ ò ní gbà gbọ́. Nínú 38, 5 péré ni ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ̀ rí. 14 ni mo gbọ́ dáadáa àmọ́ tí mo kọ ní ìkọkúkọ. 9 jẹ́ nọ́ńbà tàbí orúkọ tí wọ́n ń pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. 10 tó kù, ṣe ni mo sọ nù: ìdáhùn kan bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mo dúró tì í, mò ń rò ó, kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti sọ ti méjì mìíràn kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń jẹ́ ká gbọ́ ohùn yẹn.

Àṣé 60 ọ̀rọ̀ tí mò ń há lálaalẹ́, ìkùnà 5 ló ń bá jà.

Ọmọ_Akin

Òótọ́ lẹ sọ, sípẹ́lì ló ń pa ọ̀pọ̀. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí èèyàn fi lẹ́tà ńlá kọ gbogbo ìdáhùn rẹ̀, kó sì yẹra fún sípẹ́lì àwọn ará Amẹ́ríkà, torí wọ́n á fagi lé e.

Bàbá_Tíṣà

Àbúrò, o gba ìdajì. Lẹ́tà ńlá kò lẹ́ṣẹ̀ ní apá gbígbọ́ àti apá kíkà, ó sì ń yọ èèyàn nínú wàhálà orúkọ tó yẹ kó fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n sípẹ́lì méjèèjì ni wọ́n ń gbà, ti Bìrìtéènì àti ti Amẹ́ríkà. Má kó ìyẹn dà sẹ́nìkan lórí ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹni náà á bẹ̀rẹ̀ sí í tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe.

Àdùnní, 14 tó o kọ ní ìkọkúkọ yẹn, ṣé o wò wọ́n fínnífínní? Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn fún ìdánwò yìí, tó bá sì jẹ́ ọmọ Yorùbá ni, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí n tó rí i.

Àdùnní_Òǹkàwé

Ẹ ṣeun, sà. Mo wò ó. Nínú 14, 8 jẹ́ lẹ́tà s tí mi ò kọ sí ìparí ọ̀rọ̀. 4 jẹ́ lẹ́tà tó yẹ kó jẹ́ méjì tí mo kọ ẹyọ kan, bíi `accommodation`, tó ní c méjì àti m méjì. Méjì tó kù, mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta níbi tí wọ́n ti kọ `NO MORE THAN TWO WORDS` gàdàgbà sójú ìwé. Wọ́n kì í wo pé ìdáhùn wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o. Odindi rẹ̀ lọ.

Bàbá_Tíṣà

Mo mọ̀. Lẹ́tà s ni. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí sórí kọ́ńsónáǹtì bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ò sì ń fi nǹkan kan kún ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ tí nǹkan bá ti ju ọ̀kan lọ. "Ìwé kan", "ìwé mẹ́wàá", ìwé ni ìwé ń jẹ́. Nítorí náà etí wa kì í dúró de ìparí ọ̀rọ̀. Ohùn s yẹn wọlé, etí gbé e jù nù.

Ẹni tó bá ní ọjọ́ mẹ́rin kò lè tún etí rẹ̀ ṣe pátápátá, àmọ́ ó lè fi ojú ran etí lọ́wọ́. Kí ohùn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fúnni ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láti ka ìbéèrè. Wo ohun tó wà ṣáájú àlàfo. Tí `a` tàbí `an` bá wà níwájú rẹ̀, ẹyọ kan ni, kò sí s. Tí `many` tàbí `several` bá wà níbẹ̀, s sábà máa ń wà. Tí `are` bá tẹ̀ lé àlàfo náà, s fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú. Fi pẹ́ńsù sàmì s kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó máa sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà lo fi ń ṣe é, fi í sọ́kàn, kó o sì fi ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n ń fúnni ní ìparí wá a kiri. Ti ìwé ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí ẹni tó ń fi ìwé ṣe é ní láti da ìdáhùn rẹ̀ kọ sórí ìwé mìíràn.

Ìyá_Tóbi

Ẹ kú àlàyé o. Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ku ọjọ́ méje gééré, mi ò sì tíì ṣe tán. Ṣé mo lè sún un síwájú kí owó mi má sì wọgbó?

Àdùnní_Òǹkàwé

Mà, ohun tí a ní ká kà là ń sọ níbí o. Ẹ pe ibi tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀ lónìí yìí, ẹ má jẹ́ ó di ọ̀la.

Màá parí tèmi. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù nígbà tí mo rí èsì yẹn. Mo pa ọ̀rọ̀ tuntun tì. Mo pa ìdánwò àṣewò tì. Mo kọ ọ̀rọ̀ 25 tí mo ti ṣì kọ rí sínú ìwé kékeré kan, àbúrò mi á pè é, màá kọ ọ́, láàárọ̀ àti lálẹ́. Fún ti nọ́ńbà, òun náà ló ń ka nọ́ńbà fóònù tó dá sílẹ̀ fún mi, á máa sáré kà á, á máa pe méjì tó jọra pọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ìdánwò. 13 àti 30 ló fìyà jẹ mí jù, títí mo fi mọ̀ pé kì í ṣe lẹ́tà ìparí ni kí n máa wá. Nínú 13, ohùn tẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ó sì fà. Nínú 30, iwájú ló wúwo, ẹ̀yìn á sì ṣẹ́ kúrú. Àwa tí a ń fi ohùn mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀, kò yẹ kí ìyẹn le fún wa, àmọ́ ẹnì kankan ò sọ fún mi rí.

Ti sísọ nù ló pẹ́ jù. Mo ń mú abala kan ṣoṣo, ìbéèrè 10, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi ìbéèrè kan sílẹ̀ láìdáhùn ní àárín, kí n lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀ lọ. Ojú mi gbọ́dọ̀ wà lórí ìbéèrè méjì tó ń bọ̀, kì í ṣe lórí èyí tó ti lọ. Ìgbà àkọ́kọ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo fẹ́ padà sí i ṣáá. Nígbà tó di ìgbà kẹrin, mo ti lè ṣe é.

Wọn kì í sọ iye tí èèyàn gbà nínú 40, báǹdì nìkan ni wọ́n ń kọ. 7.5 ni wọ́n fún mi ní gbígbọ́.

Káyọ̀dé_F

Ti Faransé ni mo ṣe ní tèmi, DELF B1. Tiwa kò le tó yẹn, torí ìdajì nínú 100 ló fi ń yege, àmọ́ o ò gbọ́dọ̀ gba ohun tó kéré sí 5 nínú 25 ní apá kankan. Ìyẹn ló gbà mí sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn. Apá kíkọ ni mo burú sí, mo sì ti fẹ́ pa á tì, kí n máa lu apá kíkà tí mo mọ̀. Nígbà tí mo rántí 5 yẹn, mo yí i padà.

Mo tún há àròkọ méjì sórí, mo jẹ́wọ́. Kókó kan jọ èyí tí mo há, mo bá dà á sílẹ̀ gbuurugbu. Kò bá ìbéèrè mu. Èmi fúnra mi ni mo fi ara mi rẹ́rìn-ín.

Bàbá_Tíṣà

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti IELTS, àwọn tó ń máàkì ti gba ẹ̀kọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń dá àkọ́sórí mọ̀. Gbólóhùn mẹ́ta á dán gbinrin, ìkẹrin á wó lulẹ̀, ó hàn kedere. Àdùnní, kíkọ rẹ ńkọ́? O ò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Àdùnní_Òǹkàwé

Ẹ̀yin náà. 6.5 ni, sà. Mo lo ìṣẹ́jú 28 lórí iṣẹ́ àkọ́kọ́, lórí àwòrán ìlà yẹn, ó wá ku 32 fún àròkọ tí máàkì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì. Mo mọ̀ pé 20 àti 40 ló yẹ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò fi aago kọ ẹyọ kan. Apá gbígbọ́ ni mo dojú kọ.

Ọmọ_Akin

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ó yẹ kẹ́ ẹ ṣe odindi ìdánwò àṣewò kan nígbà tó ku ọjọ́ méjì, gbígbọ́, kíkà, kíkọ, láìdìde, ní aago tí ìdánwò gan-an máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ bá ti rí 28 yẹn.

Bàbá_Tíṣà

Mo gbà pé kéèyàn jókòó ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, torí ó tó wákàtí méjì àti 40 ìṣẹ́jú láìsí ìsinmi. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá ku ọjọ́ márùn-ún ni mo ń fún àwọn tèmi. Tó bá ku ọjọ́ méjì tí máàkì já, kò sí àyè láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rù yẹn ni wọ́n á gbé wọlé.

Ọmọ_Akin

Mo ṣe tèmi ní ọjọ́ tó ku méjì, mo gba 8. Ẹ dárí jì mí, sà.

Bàbá_Tíṣà

Ó dáa. Mo tún mọ ẹni tó ṣe é tó sunkún dé yàrá ìdánwò.

Ìyá_Tóbi

Mo ti pè wọ́n o. Wọ́n ní ọjọ́ ti lọ, kí n wá ṣe é. Àdùnní, ìwé kékeré tó o kọ ọ̀rọ̀ 25 sí yẹn, ṣé o ṣì ní i? Tó o bá lè ya fọ́tò rẹ̀ fún mi.

Àdùnní_Òǹkàwé

Mo ní i, mà, àmọ́ àṣìṣe tèmi ló wà níbẹ̀. Ẹ wá ìwé ìdáhùn tiyín jáde ná. Mélòó lẹ ti ṣe?

Ìyá_Tóbi

Mẹ́rin. Mo ti da méjì nù.